Bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n ààyè ọgbà tí ò gún régé: ẹ gé e sí onígun mẹ́rin àti onígun mẹ́ta

Tó bá jẹ́ pé ọgbà yín gún régé, tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ ṣe súkúẹ̀, ẹ ò nílò ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹ na téèpù sí òró, ẹ nà án sí ìbú, ẹ ṣe é lọ́nà ara wọn, ó ti parí nìyẹn. Àmọ́ mélòó ló gún régé nínú ọgbà tó wà l'Óṣogbo níbí? Ẹ wo àwọn ilé tó wà lẹ́bàá ojú irin lápá Stéṣọ̀n, ojú irin ò bá fẹ́ńsì ẹnikẹ́ni dọ́gba, ibi tó bá gbà kọjá náà ló gbà, ilẹ̀ tó bá sì bá a pààlà á ní apá kan tó fì. Àwọn àdúgbò àtijọ́ lápá Ọjà-Ọba ńkọ́, níbi tí wọ́n ti kọ́lé kí títì tó dé, ẹ̀yìnkùlé míì ní igun márùn-ún, òmíì ní mẹ́fà. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni mò ń sọ.

Iṣẹ́ íńtálọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe, súkúẹ̀ mítà ni wọ́n sì fi ń ta íńtálọ́ọ̀kì, torí náà tí ẹ ò bá mọ ìwọ̀n ààyè ọgbà yín, ẹni tó ń tà á ló máa sọ iye tó wù ú fún yín. Súkúẹ̀ mítà kan ò ju ilẹ̀ kékeré tí òró ẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí ìbú ẹ̀ náà jẹ́ mítà kan, ìbéèrè tá à ń bèèrè ò wá ju pé mélòó irú ẹ̀ ló máa bo ilẹ̀ yìí tán.

Ẹ jẹ́ ká mú ọgbà kan báyìí ká fi ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ilé Àlàájà kan ni, kò jìnnà sí ojú irin. Iwájú ilé ni géètì wà, ilé fúnra ẹ̀ wà lẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fara ti fẹ́ńsì ọ̀tún, àyè wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lọ́wọ́ òsì tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Fẹ́ńsì ọ̀tún ló fì nítorí ojú irin, fẹ́ńsì ẹ̀yìn náà sì fì díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó látòkè, ó jọ lẹ́tà L tí wọ́n ti ṣẹ́ ní igun méjì.

Ẹ kọ́kọ́ yà á sórí ìwé

Kò pọn dandan kó lẹ́wà. Ẹ dúró lẹ́nu géètì, ẹ wá rìn yípo ọgbà náà pẹ̀lú bírò àti ìwé, ibikíbi tí ògiri tàbí fẹ́ńsì bá ti yí ojú padà, igun kan nìyẹn, ẹ fún un lórúkọ. Nínú ọgbà Àlàájà, igun mẹ́fà ló wà. A ni igun iwájú lọ́wọ́ òsì, B ni igun iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, C ni ibi tí fẹ́ńsì ọ̀tún ti kan ògiri ilé, D ni igun ilé fúnra ẹ̀, E ni ibi tí ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé ti kan fẹ́ńsì ẹ̀yìn, F ni igun ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Lẹ́yìn náà ẹ wá na téèpù láti igun dé igun, ẹ kọ iye rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tá a rí nìyí, mítà ni gbogbo ẹ̀:

```
A-B = 15      (fẹ́ńsì iwájú)
B-C = 10.4    (fẹ́ńsì ọ̀tún, ó fì)
C-D = 11      (ògiri iwájú ilé)
D-E = 6       (ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé)
E-F = 8.2     (fẹ́ńsì ẹ̀yìn, ó fì)
F-A = 17.4    (fẹ́ńsì òsì)
```

Ẹ fi ojú sí orí téèpù tẹ́ ẹ̀ ń lò o. Téèpù aláṣọ tó ti pẹ́ máa ń fà, òmíì sì wà tí orí ẹ̀ ti já tí wọ́n wá ń bẹ̀rẹ̀ látorí 10 sẹ̀ńtímítà, tí ẹni tó di orí ẹ̀ mú ò bá sọ fún ẹni tó ń kà á, gbogbo iye tẹ́ ẹ kọ ló máa fi 10 sẹ̀ńtímítà lé. Ẹ jẹ́ kí téèpù náà le dáadáa kẹ́ ẹ tó kà á, tó bá ṣe rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀ láàárín, iye tó máa sọ á ju bó ṣe yẹ lọ.

Gígùn gbogbo ẹ̀gbẹ́ ò tíì tó láti mọ ìwọ̀n ààyè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbà pàdánù owó, mo sì fẹ́ ká dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan máa ro gbogbo ẹ̀gbẹ́ pọ̀, wọ́n á pín in sí mẹ́rin, wọ́n á wá ṣe èyí tó jáde lọ́nà ara ẹ̀. Tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbà Àlàájà, àròpọ̀ ẹ̀gbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 68, tá a bá pín in sí mẹ́rin ó di 17, 17 lọ́nà 17 jẹ́ 289. Ìwọ̀n ààyè ọgbà yẹn gan-an, a máa débẹ̀ láìpẹ́, jẹ́ 218.4. Súkúẹ̀ mítà 70 àti àbọ̀ ló ti fò lé e lórí yẹn, Àlàájà ì bá sanwó íńtálọ́ọ̀kì tí ò níbi tó máa gbé e sí.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ ò di ilẹ̀ mú. Ẹ mú igi mẹ́rin tó gùn dọ́gba, ẹ fi ìṣó kan kan so wọ́n pọ̀ ní igun. Tẹ́ ẹ bá tì í ní ẹ̀gbẹ́, ó máa fì, tẹ́ ẹ bá tún tì í, ó tún máa fì sí i, àmọ́ igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò gùn sí i, wọn ò sì kúrú. Ká ní igi kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 10. Nígbà tí igun ẹ̀ ṣe súkúẹ̀, ààyè inú ẹ̀ jẹ́ 100 súkúẹ̀ mítà. Tẹ́ ẹ bá tì í títí tí igun méjì tó kọjú síra wọn fi súnmọ́ ara wọn dé mítà 12, ààyè inú ẹ̀ ti di 96. Tẹ́ ẹ bá tì í kó di mítà 5.6, ó ti di 53.76. Igi mẹ́rin kan náà ni o, mítà 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣì jẹ́. Torí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé ilẹ̀ òun jẹ́ mítà báyìí báyìí ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, tí ò sọ bí igun ẹ̀ ṣe rí tàbí ìdábùú láti igun dé igun, kò tíì sọ bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi igi mẹ́ta ṣe é, ẹ tì í títí, kò ní fì. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gé nǹkan sí onígun mẹ́ta: tẹ́ ẹ bá ti mọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó ṣe máa rí nìyẹn, kò lè yí padà mọ́. Onígun mẹ́rin tí igun ẹ̀ ṣe súkúẹ̀ náà kì í yí padà, torí igun ẹ̀ ti dá a dúró. Orí àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé.

Ẹ mọ igun tó ṣe súkúẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé nǹkankan

Ojú lásán ò tó. Igun tó jìnnà sí súkúẹ̀ díẹ̀ máa ń tan ojú jẹ, pàápàá tí fẹ́ńsì bá gùn. Ohun tí àwọn bíríkìlà máa ń ṣe náà ni kẹ́ ẹ ṣe: ẹ wọn mítà 3 látorí igun náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ẹ wọn mítà 4 sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ sàmì, ẹ wá na téèpù láti àmì kan sí èkejì. Tó bá jẹ́ mítà 5 gééré, súkúẹ̀ ni. Tó bá ju 5 lọ, igun náà ṣí ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ò bá tó 5, ó pa dé. Tí ààyè bá fún yín, ẹ ṣe 6, 8 àti 10, torí pé bí ìwọ̀n bá ṣe gùn tó ni àṣìṣe kékeré ṣe máa ń hàn tó.

Nínú ọgbà wa, A ṣe súkúẹ̀. Ògiri ilé láti C sí D náà bá fẹ́ńsì iwájú rìn lọ́gbọọgba, a mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí a wọ̀n ọ́n níbi méjì tó jìnnà síra, mítà 9.6 ló jáde níbi méjèèjì. Bákan náà, ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé bá fẹ́ńsì òsì rìn lọ́gbọọgba, mítà 8 ló jìnnà sí i, lókè àti nísàlẹ̀. Ibi méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ògiri náà ń súnmọ́ ni tàbí ó ń jìnnà.

Níbo ni ká wá gé e sí?

Kò sófin tó sọ pé ibí ni, ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà gé ilẹ̀ kan pọ̀. Èyí tí mo máa ń wò ni pé ṣé mo lè wọn ìlà tí mo fẹ́ gé yẹn pẹ̀lú téèpù láì sí ògiri tó máa dí mi lọ́nà. Ẹ gé e níbi tí ẹ ti máa rí onígun mẹ́rin tó tóbi jù lọ, kó jẹ́ pé ohun tó bá ṣẹ́kù létí nìkan ló máa di onígun mẹ́ta. Ohun tó fà á ni pé onígun mẹ́rin rọrùn láti wọ̀n, onígun mẹ́ta sì ni àṣìṣe máa ń wọlé sí.

Fún ọgbà yìí, ẹ na okùn láti D, igun ilé, lọ kan fẹ́ńsì òsì tààrà, kó bá ògiri ilé wà lórí ìlà kan náà. Ibi tó bá ti kan fẹ́ńsì, ẹ pè é ní Q. Ọgbà ti pín sí méjì: iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ilé. Okùn D sí Q jẹ́ mítà 8, A sí Q jẹ́ mítà 9.6, ó bá ohun tá a ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ mu.

Apá iwájú ní fẹ́ńsì tó fì lọ́wọ́ ọ̀tún. A fẹ́ ya onígun mẹ́ta yẹn sọ́tọ̀, torí náà a nílò ìlà kan tó máa kúrò ní B, tó máa lọ bá ògiri ilé ní súkúẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ ibi tí ó máa kàn án sí? Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan di orí téèpù mú ní B, kó má sún rárá. Ẹnì kejì á di téèpù mú lára ògiri, á máa gbé e lọ gbé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀, sápá òsì, sápá ọ̀tún, kó máa ka iye tó bá rí. Iye náà á máa dínkù, á dínkù, tó bá dé ibì kan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ibi tó ti kéré jù lọ yẹn gan-an ni súkúẹ̀ wà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ẹ pè é ní P. Nínú ọgbà yìí, B sí P jẹ́ 9.6, P sí C jẹ́ 4. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ torí pé kò nílò irinṣẹ́ kankan ju téèpù lọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè bá yín di orí ẹ̀ mú.

Kẹ́ ẹ tó bọ́ síwájú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Onígun mẹ́ta B, P, C ní igun súkúẹ̀ ní P, torí náà tẹ́ ẹ bá ṣe ẹ̀gbẹ́ kúkúrú kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara ẹ̀, tẹ́ ẹ ro èsì méjèèjì pọ̀, tẹ́ ẹ wá tẹ √ lórí kalikulétọ̀ fóònù yín, ó yẹ kó bá fẹ́ńsì tó fì yẹn mu.

```
4 × 4     = 16
9.6 × 9.6 = 92.16
16 + 92.16 = 108.16
√108.16   = 10.4
```

10.4 náà la fi téèpù wọ̀n níjelòó. Tó bá yàtọ̀ ju sẹ̀ńtímítà díẹ̀ lọ, ẹ padà lọ wọ̀n, ẹ má ṣe fi ọwọ́ tún iye tó wà nínú ìwé ṣe. Àyẹ̀wò míì tún wà tó rọrùn: C sí D jẹ́ 11, P sí C jẹ́ 4, P sí D gbọ́dọ̀ jẹ́ 7. Q sí D jẹ́ 8. 8 àti 7 jẹ́ 15, fẹ́ńsì iwájú náà sì jẹ́ 15. Gbogbo ẹ̀ pé.

Apá ẹ̀gbẹ́ ilé ló kù, òun náà ní orí tó fì. Fẹ́ńsì òsì láti Q dé F jẹ́ 17.4 tá a yọ 9.6 nínú ẹ̀, ìyẹn 7.8. Ògiri ilé ní ìdojúkọ ẹ̀ jẹ́ 6. Ohun tó fi lé e jẹ́ 1.8, òun sì ni gíga onígun mẹ́ta kékeré tó wà lókè pátápátá, tí ìdí ẹ̀ jẹ́ 8. Ẹ yẹ òun náà wò: 64 àti 3.24 jẹ́ 67.24, √ ẹ̀ jẹ́ 8.2, fẹ́ńsì ẹ̀yìn gan-an nìyẹn.

Ó ku ìṣirò

Onígun mẹ́rin: òró lọ́nà ìbú. Onígun mẹ́ta: ìdí lọ́nà gíga, pín in sí méjì. Ìdí tá a fi ń pín in sí méjì ò le rárá, tẹ́ ẹ bá gé bébà onígun mẹ́rin láti igun dé igun, onígun mẹ́ta méjì tó dọ́gba lẹ máa rí.

```
1. Onígun mẹ́rin iwájú:   15 × 9.6      = 144
2. Onígun mẹ́ta ọ̀tún:     4 × 9.6 ÷ 2   = 19.2
3. Onígun mẹ́rin ẹ̀gbẹ́:     8 × 6         = 48
4. Onígun mẹ́ta ẹ̀yìn:      8 × 1.8 ÷ 2   = 7.2
Àròpọ̀:                                   218.4
```

218.4 súkúẹ̀ mítà. Ẹ kíyè sí ohun kan o: 10.4 àti 8.2, àwọn fẹ́ńsì tó fì, kò sí èyí tó wọ inú ìṣirò yìí nínú àwọn méjèèjì. A wọ̀n wọ́n láti fi yẹ iṣẹ́ wò ni. Gíga onígun mẹ́ta ni ìlà tó dúró ṣánṣán lórí ìdí ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó fì. Ẹni tó bá wo fẹ́ńsì ọ̀tún tó wá ṣe 15 lọ́nà 10.4, 156 ló máa rí fún onígun mẹ́rin iwájú, ó ti fi súkúẹ̀ mítà 12 kún un, kò sì tíì débi onígun mẹ́ta.

Àwọn míì máa ń ṣe ìdajì: wọ́n á ro fẹ́ńsì iwájú àti ògiri ilé pọ̀, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á wá fi lọ́nà ìbú. Fún apá iwájú yìí, 15 tó wà nísàlẹ̀ àti 19 tó wà lókè, ìyẹn 8 àti 11 láti Q dé C, ìdajì àròpọ̀ wọn jẹ́ 17. 17 lọ́nà 9.6 jẹ́ 163.2. Ẹ ro 144 àti 19.2 pọ̀, 163.2 náà ni. Ó tọ̀nà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ó tọ̀nà torí pé ìlà iwájú àti ìlà ilé rìn lọ́gbọọgba, a sì fi ìlà tó dúró ṣánṣán ṣe é. Tẹ́ ẹ bá lọ ṣe ìdajì fún ẹ̀gbẹ́ kejì náà, kẹ́ ẹ ro 9.6 àti 10.4 pọ̀ kẹ́ ẹ pín in sí méjì kó di 10, 17 lọ́nà 10 jẹ́ 170, ó ti lé ní 6.8. Ọ̀nà yẹn tí wọ́n fi ń ṣe ìdajì ẹ̀gbẹ́ méjì-méjì fún ilẹ̀ tó ní igun mẹ́rin, gbogbo ìgbà ló máa ń fi kún ilẹ̀, àyàfi tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣe súkúẹ̀. Kì í dín in kù láéláé. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ fún yín lè fẹ́ràn ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rà á ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra.

Ẹ gé e lọ́nà míì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa jáde bákan náà

Ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì lórí ìlà kan náà ò ní fi àṣìṣe hàn, ohun tẹ́ ẹ gbé sí i ló máa gbé jáde. Gígé míì ló lè fi hàn. Ọ̀nà tó yá jù ni kẹ́ ẹ ro pé àpótí ńlá kan bo gbogbo ọgbà náà, kẹ́ ẹ wá máa yọ ohun tí kì í ṣe ti yín kúrò. Ibi tó fẹ̀ jù jẹ́ 19, ibi tó gùn jù jẹ́ 17.4.

```
Àpótí ńlá:          19 × 17.4     = 330.6
Yọ ibi tí ilé wà:   11 × 7.8      = 85.8
Yọ igun ọ̀tún:       4 × 9.6 ÷ 2   = 19.2
Yọ igun ẹ̀yìn:        8 × 1.8 ÷ 2   = 7.2
Ó ku:                               218.4
```

Iye kan náà ló jáde. Tó bá jẹ́ pé iye onígun mẹ́ta kan lẹ gbàgbé láti pín sí méjì ní ìṣáájú, ibí yìí ló ti máa tú jáde, torí ẹ̀ẹ̀kan lẹ rò ó mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀kejì lẹ yọ ọ́ kúrò, èsì méjèèjì ò lè dọ́gba. Ìyàtọ̀ náà sì máa ń sọ ibi tó ti wá: tí èsì méjèèjì bá fi 38.4 yàtọ̀, ẹ wo onígun mẹ́ta 19.2 yẹn, torí ìlọ́po méjì ẹ̀ ni.

Tí ò bá sí igun tó ṣe súkúẹ̀ rárá ńkọ́?

Ó wà dáadáa, mo ti rí ẹ̀yìnkùlé tí kò sí ìlà méjì tó bá ara wọn rìn lọ́gbọọgba nínú ẹ̀. Ẹ má wá onígun mẹ́rin níbẹ̀. Ẹ mú igun kan, ẹ na téèpù láti ibẹ̀ lọ sí àwọn igun tó kù, ó máa pín sí onígun mẹ́ta nìkan. Ilẹ̀ onígun mẹ́rin á fún yín ní méjì, onígun márùn-ún á fún yín ní mẹ́ta. Ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, ẹ ò nílò láti wá gíga ẹ̀ mọ́. Tí ògiri bá dí téèpù yín lọ́nà láti igun tẹ́ ẹ mú, ẹ mú igun míì.

Ìṣirò ẹ̀ ti pẹ́ láyé, Heron ará Alẹkisáńdíríà ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn. Ẹ ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta pọ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ pè é ní s. Ẹ yọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú s, iye mẹ́ta ló máa jáde. Ẹ wá ṣe s àti iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́nà ara wọn, ẹ tẹ √. Ẹ jẹ́ ká fi onígun mẹ́ta ọ̀tún ti Àlàájà dán an wò, èyí tá a ti mọ̀ pé 19.2 ni:

```
s = (4 + 9.6 + 10.4) ÷ 2 = 12
12 - 4    = 8
12 - 9.6  = 2.4
12 - 10.4 = 1.6
√(12 × 8 × 2.4 × 1.6) = √368.64 = 19.2
```

Ibi tó ti lè já yín kulẹ̀ ni onígun mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, èyí tí ẹ̀gbẹ́ méjì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé ẹ̀kẹta lórí. Nínú irú ẹ̀, sẹ̀ńtímítà méjì péré tẹ́ ẹ bá ṣì wọ̀n lè yí ìwọ̀n ààyè padà gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọ̀kan nínú onígun mẹ́ta yín tẹ́ẹ́rẹ́ báyẹn, ẹ tún un gé láti igun míì. Tí kalikulétọ̀ bá sì kọ̀ láti gba √, tó ń sọ pé kò ṣeé ṣe, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ kọ tó gùn ju méjì tó kù tá a bá rò wọ́n pọ̀ lọ, irú onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ò sí, ẹ padà lọ wọ̀n.

Ohun tó kù kẹ́ ẹ tó lọ ra nǹkan

Ẹ yọ ibi tí íńtálọ́ọ̀kì ò ní dé. Sókàwéè Àlàájà ní ọmọrí tó jẹ́ mítà 3 lọ́nà 1.6, ìyẹn 4.8, a ò ní bò ó torí wọ́n máa ń ṣí i. Ó ku 213.6. Fún èyí tó máa fọ́ àti èyí tá a máa gé, mo máa ń fi ìdá 5 nínú 100 kún un, ìyẹn 10.68, ó di 224.28, mo ní kí wọ́n gbé 225 wá. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì tó fì ni wọ́n máa gé jù, torí náà tí ọgbà yín bá ní fẹ́ńsì tó fì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìdá 5 ò ní tó, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ 10.

Tí bíríkìlà yín bá ń fi ẹsẹ̀ bàtà wọ̀n, kò burú, àmọ́ ẹ má da ẹsẹ̀ bàtà àti mítà pọ̀ nínú ìṣirò kan. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 6 kì í ṣe 5.6, 5.5 ni, torí ínǹṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ pín ínǹṣì sí 12 kẹ́ ẹ tó rò ó mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí súkúẹ̀ mítà sí súkúẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà, 10.764 lẹ máa fi lọ́nà ẹ̀. 3.28 tí ẹ mọ̀ yẹn wà fún gígùn nìkan. 218.4 wa yìí jẹ́ nǹkan bí 2,351 súkúẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà, ẹni tó bá lo 3.28 á rí 716, ìyẹn ò tó ìdá mẹ́ta ọgbà náà.

Ilẹ̀ Òṣogbo láwọn ibi tó dà gẹ̀rẹ̀, àwọn tó wà lápá òkè mọ̀ ọ́n dáadáa. Fún íńtálọ́ọ̀kì, ẹ jẹ́ kí téèpù tẹ̀lé ilẹ̀ bó ṣe dà gẹ̀rẹ̀, torí ojú ilẹ̀ yẹn gan-an lẹ fẹ́ bò. Àmọ́ ìwé ilẹ̀ tí sáféyọ̀ yà kò rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n tó tẹ́jú ló máa ń wà nínú ẹ̀, torí náà tí ìlà kan bá jẹ́ mítà 30 lórí ilẹ̀ tó fi mítà 3 ga láti ìsàlẹ̀ dé òkè, 29.85 lẹ máa bá nínú ìwé. Sẹ̀ńtímítà 15 yẹn ò sọ pé ẹnikẹ́ni jí ilẹ̀ yín, ibi tí téèpù gbà ló yàtọ̀ sí ibi tí ìwé gbà.